Ìtanràn ₦150,000 torí fọ́ọ̀mù owó orí tó pẹ́, ṣùgbọ́n ọsibítù ni mo wà: báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀?

Onílẹ̀kẹ̀ Ṣábọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ìlẹ̀kẹ̀ àti gèlè ni mò ń tà ní Ṣábọ̀. Fọ́ọ̀mù owó orí tó yẹ kí n ti fi ránṣẹ́ ó pẹ́ tán ní 31 Oṣù Kẹta, 22 Oṣù Karùn-ún ni mo tó fi ránṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé 18 Oṣù Kẹta ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, 17 Oṣù Kẹrin ni mo sì tó padà sílé. Dókítà tún ní kí n sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n má gbé nǹkan, kí n má jáde.

Owó orí gan-an, mi ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ náà ni mo san án. Àfi bí ìwé ìtanràn ṣe dé ní 3 Oṣù Kẹfà: ₦150,000. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi yọ ọ́. Ta ni wọ́n ń kọ irú lẹ́tà yìí sí, kí ló sì yẹ kó wà nínú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ wá ẹni tó mọ ẹnìkan níbẹ̀. Mi ò mọ ẹnìkankan.

Gbajúmọ̀ Agríìkì

Ẹ kú ewu o, àǹtí mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí irú ẹ̀ wáyé mọ́.

Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní. Láti ọjọ́ tí ìwé wọn bá ti tẹ ènìyàn lọ́wọ́, bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìfèsì, ó ti di gbèsè nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè lẹ́tà pé ẹ TAKO ìwé náà, pé ẹ ò gbà, ẹ ò sì jẹ. Ẹ so ìwé ọsibítù mọ́ ọn. Ó parí.

Akọ̀wé Ògólóńtò

Gbajúmọ̀, o mú ìdajì, o fi ìdajì sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtakò ló wà fún. Ẹni tí wọ́n ṣírò owó orí rẹ̀ lódì, tàbí ẹni tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lásìkò tí wọ́n ní kò fi ránṣẹ́, òun ló ń tako. Ìyá yìí ò ní ohun tó ń jiyàn lé lórí. Fọ́ọ̀mù pẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ "mo tako", ohun kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ tó bá gbà á máa wò: ṣé 22 Oṣù Karùn-ún ni fọ́ọ̀mù wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni. Á ti fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á mú òmíràn.

Ẹ̀bẹ̀ ni tiyín, ìyá. Iléeṣẹ́ owó orí lágbára láti yọ ìtanràn, bóyá gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan, fún ẹni tó bá ní ìdí tó mọ́yán lórí. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ó pẹ́, kí ẹ tó sọ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ di ọgbọ̀n ọjọ́ tí Gbajúmọ̀ sọ yẹn mú o. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà wọlé kó tó di 3 Oṣù Keje, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ẹ gba ìwé tán, ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ wá jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe di ₦150,000, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà yín máa ti gba agbára. Òfin ìṣàkóso owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kìn-ín-ní 2026 ní ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù bá fi pẹ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Oṣù Kẹrin ló jẹ yín ní ₦100,000. Oṣù Karùn-ún ló jẹ yín ní ₦50,000. Owó méjì ni, ẹ̀rí tó máa gbe ọ̀kan kọ́ ló máa gbe ìkejì.

Ti Oṣù Kẹrin rọrùn. Ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí àsìkò pé, ẹ ṣì wà níbẹ̀ títí oṣù fi dà sí ìdajì. Oṣù Karùn-ún ni wàhálà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín bóyá ara yín yá ní 31 Oṣù Kẹta. Wọ́n máa bi yín pé: ẹ kúrò ní ọsibítù ní 17 Oṣù Kẹrin, kí lẹ ń ṣe títí di 22 Oṣù Karùn-ún? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí mo ti rí ṣe máa ń já. Ẹni náà á ròyìn àìsàn rẹpẹtẹ, á ròyìn abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n fà sí i lára, kò ní sọ gbólóhùn kan nípa lẹ́yìn ìgbà tó délé.

Ọmọ Ìmọ̀tà

Ìyá, ẹ má dààmú ara yín. Èmi náà jẹ irú gbèsè yìí ní CAC. Mo ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mi ò ṣe ti ọdọọdún fún ìgbà díẹ̀, ni wọ́n bá to ìtanràn lé mi lórí. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ló ṣàìsàn, wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Mo san án ni o. Ẹ lọ san tiyín.

Akọ̀wé Ògólóńtò

Ọmọ Ìmọ̀tà, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ nìyẹn. CAC ń wo orúkọ iṣẹ́ tí ènìyàn fi sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni. Èyí tí ìyá ń sọ jẹ́ owó orí lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí ọ̀kan bá ṣe kò kan èkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá rẹ ló ṣàìsàn. Ní ti ìyá yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ṣàìsàn.

Onílẹ̀kẹ̀ Ṣábọ̀

Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ CAC yẹn. Èmi náà forúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀. Ìgbà wo ni tọdọọdún tiwọn?

Akọ̀wé Ògólóńtò

Kó má kọjá 30 Oṣù Kẹfà. Ẹ tètè ṣe é, ká má tún wá kọ lẹ́tà míì.

Jagun Ìgbógbó

Ẹ má bínú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ béèrè. Gbogbo ìgbà tí ẹ wà ní ọsibítù yìí, ṣé ṣọ́ọ̀bù tì ni? Torí mo ń gba Ṣábọ̀ kọjá lójoojúmọ́, mi ò rántí ṣọ́ọ̀bù ìlẹ̀kẹ̀ kankan tó tì lásìkò Àjíǹde. Bí ẹni tó ń bá yín tajà bá lè tajà, tó ń gbowó, kí ló dé tí kò lè bá yín tẹ fọ́ọ̀mù? Èmi tí n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń béèrè báyìí o. Àwọn yẹn á béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onílẹ̀kẹ̀ Ṣábọ̀

Ṣọ́ọ̀bù ò tì. Ọmọ mi obìnrin ló ń tà á. Bá ò bá tajà, kí ni wọn ìbá fi sanwó ọsibítù? Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi lórí eTax. Ẹ̀ẹ̀kan tó gbìyànjú àtiwọlé, wọ́n ní kó tẹ kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù mi, fóònù náà sì ti kú sínú báàgì. Ìwé tí mò ń kọ ọjà ọdún tó kọjá sí náà, inú dúróọ̀ tí mo ń tì ló wà. Kódà bó rí i, àmì tèmi ni mo fi ń kọ ọ́. Ta ló fẹ́ kà á?

Akọ̀wé Ògólóńtò

Jagun, o ṣeun. Ìbéèrè yẹn ló ṣe kókó jù lójú ewé yìí.

Ìyá, gbogbo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹ má kọ pé ṣọ́ọ̀bù tì pa. Owó ń wọ àkáǹtì yín láti ọwọ́ àwọn oníbàárà nínú Oṣù Kẹrin, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ mú ìwé báńkì wá. Bí irọ́ kan bá ti yọ jáde nínú lẹ́tà, ìwé ọsibítù tó jẹ́ òótọ́ náà á di ìwé tí wọ́n ń fura sí. Kí ẹ sọ pé ọmọ ń tajà, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà àtiwọlé, kò sì lè ka ìwé ọjà, ìyẹn lóye. Tajà tajà yàtọ̀ sí ẹni tó lè ṣírò èrè ọdún kan kó sì búra sí i pé òótọ́ ni.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa gba àlàyé yẹn. Mo ti rí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó yẹ kó ti ní aṣojú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á láti ọwọ́ yín sàn ju kí wọ́n fúnra wọn wá a rí.

Olùtọ́jú Káàdì

Ẹ káàárọ̀ mà. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì aláìsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọsibítù tiyín. Ìwé wo gan-an ló wà lọ́wọ́ yín? Tó bá jẹ́ ìwé pélébé tí wọ́n fi ń dá ènìyàn sílẹ̀, kò tó. Ọ̀pọ̀ irú ìwé yẹn, ọjọ́ tí ẹ jáde àti oògùn tí ẹ ó máa lò ló wà níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí ẹ wọlé. Ọjọ́ tí ẹ wọlé sì ni ẹ nílò jù, torí òun ló fi hàn pé ẹ ti wà níbẹ̀ kó tó di 31 Oṣù Kẹta.

Ẹ kọ̀wé sí olórí ọsibítù pé ẹ fẹ́ ìwé ìròyìn láti ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n máa ń gba owó díẹ̀, kì í sì í sábà jáde lọ́jọ́ kan náà, torí dókítà tó tọ́jú yín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bó bá sì wà ní iṣẹ́ alẹ́, ẹ ó dúró. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì yín, ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ tí ẹ jáde, àti títí di ọjọ́ wo ni dókítà ní kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ "ọ̀sẹ̀ díẹ̀". Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti 17 Oṣù Kẹrin já sí 15 Oṣù Karùn-ún, kí wọ́n kọ 15 Oṣù Karùn-ún síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀ǹtẹ̀ ọsibítù àti orúkọ dókítà tó ṣeé kà.

Kò pọn dandan kí orúkọ àìsàn yín wà nínú rẹ̀ o. Ẹ lè sọ fún dókítà pé "iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú lórí bẹ́ẹ̀dì" ti tó. Ìwé yẹn máa gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá.

Ẹ tún bá mi wo orúkọ tó wà lórí káàdì yín.

Onílẹ̀kẹ̀ Ṣábọ̀

Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọ ọ́ wò. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n fi ṣe tèmi, orúkọ àbísọ tí àbúrò mi sọ fún wọn lóru ọjọ́ yẹn sì ni èyí tí wọ́n ń pè mí nílé. Orúkọ bàbá mi ló wà lọ́dọ̀ àwọn owó orí, òun náà ló wà lórí NIN mi. Ẹni tí ò mọ̀ mí, ènìyàn méjì ló máa pè é.

Olùtọ́jú Káàdì

Ó wọ́pọ̀, pàápàá fún ẹni tí wọ́n gbé wọlé lóru. Ẹ mú NIN yín lọ síbi tí wọ́n ti ṣe káàdì, kẹ́ ẹ sì ní kí ìwé ìròyìn dókítà gbé orúkọ méjèèjì. Ibòmíì máa gbà, ibòmíì á ní kẹ́ ẹ lọ búra ní kóòtù kẹ́ ẹ tó padà wá.

Akọ̀wé Ògólóńtò

Ẹ lọ búra ṣáájú, kẹ́ ẹ má baà lọ bọ̀. Kóòtù gíga wà ní Ìkòròdú níbí, wọ́n á ṣe ìwé ìbúra fún yín pé ẹnìkan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ẹ so ó mọ́ lẹ́tà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bírò tún orúkọ kọ sórí ìwé ọsibítù o, kódà bó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní òun á bá yín tún un ṣe. Ìwé tí wọ́n fi bírò tún ṣe ti kú.

Mo kọ èyí sílẹ̀ ní Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ wò ó. Ọmọ yín á bá yín kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

> Sí Alága Àgbà, Iléeṣẹ́ Owó Orí Ìpínlẹ̀ Èkó, Aláúsá, Ìkẹjà.
> Nípasẹ̀ Ọ̀gá Ọ́fíìsì Owó Orí, Ìkòròdú.
>
> Ẹ̀bẹ̀ fún yíyọ owó ìtanràn ₦150,000 (nọ́ńbà asanwó-orí mi: …, nọ́ńbà ìwé ìtanràn: …)
>
> Mo gba ìwé yín ní 3 Oṣù Kẹfà. Òótọ́ ni pé fọ́ọ̀mù mi tó yẹ kó wọlé ní 31 Oṣù Kẹta kò wọlé títí di 22 Oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ náà ni mo san gbogbo owó orí tó wà nínú rẹ̀. Rìsíìtì wà nínú ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí.
>
> Láti 18 Oṣù Kẹta sí 17 Oṣù Kẹrin, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní kí n sinmi nílé títí di 15 Oṣù Karùn-ún. Ìwé dókítà fi ọjọ́ wọ̀nyí hàn. Ọmọ mi ń bá mi tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà eTax mi, inú fóònù mi ni kóòdù sì ń wọlé sí. Èmi nìkan ló lè ka ìwé ọjà tí mo fi ṣírò èrè.
>
> Láti 15 sí 22 Oṣù Karùn-ún ni mo fi ka ìwé ọjà náà tí mo sì ṣírò rẹ̀.
>
> Mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ gbogbo ìtanràn náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ ₦100,000 ti Oṣù Kẹrin, tí mo fi wà ní ọsibítù àti lábẹ́ àṣẹ dókítà.
>
> Ohun tí mo so mọ́ ọn: ẹ̀dà ìwé ìtanràn, ẹ̀rí pé fọ́ọ̀mù wọlé, rìsíìtì owó orí, ìwé ìròyìn dókítà, ìwé ìbúra orúkọ.

Ẹ wo ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa 15 sí 22 yẹn. Dókítà ò bò ó, ẹ má sì jẹ́ kó dà bíi pé ó bò ó. Ọ̀sẹ̀ kan láti ka ìwé ọdún kan, ẹni tó bá ti tajà rí máa yé e.

Gbajúmọ̀ Agríìkì

Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo rẹ̀? Ẹ ti là wọ́n lójú pé ₦50,000 á tẹ́ wọn lọ́rùn.

Akọ̀wé Ògólóńtò

Gbogbo rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó bá rò pé Oṣù Karùn-ún ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí kò bá sí ọ̀nà kejì nínú lẹ́tà, "rárá" ló rọrùn fún un jù láti kọ. O lè má gbà pẹ̀lú mi. Ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ wa náà ò gbà.

Jagun Ìgbógbó

Lórí èyí, ti Gbajúmọ̀ ni mo tẹ̀ lé. Èmi ò ní kọ ìlà ₦100,000 yẹn.

Onílẹ̀kẹ̀ Ṣábọ̀

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti mú lẹ́tà lọ. Mo jẹ́ kí ìlà ₦100,000 yẹn wà níbẹ̀, Jagun, ẹ má bínú. Dókítà kọ orúkọ méjèèjì lẹ́yìn tó rí ìwé ìbúra. Mo tẹ ẹ̀dà méjì, wọ́n lu ọ̀ǹtẹ̀ sí èyí tí mo mú padà, ẹni tó gbà á kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí i. Ibi ọjọ́ tí mo wọ ọsibítù ló kọ́kọ́ ṣí sí. Lẹ́yìn náà ló fi ìka tẹ 15 Oṣù Karùn-ún, ó ní, "Ìgbà tí ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tó kọ. Ó ní èsì máa wá lórí ìwé.

Ìbéèrè mi tó kù: ṣé kí n san ₦50,000 sílẹ̀ báyìí kí n fi dúró de èsì, àbí kí n má san nǹkan kan?

Jagun Ìgbógbó

Ẹ san án. Bí wọ́n bá wá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọjà ọ̀sẹ̀ kan á ju ₦50,000 lọ.

Akọ̀wé Ògólóńtò

Èmi ò ní san án kí èsì tó dé. Owó tó bá ti wọlé sọ́dọ̀ wọn, àtigbà á padà le ju àtibẹ̀bẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n fi dípò owó orí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tó ní ọ̀ǹtẹ̀ yẹn sí ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ilé, kí ọmọ yín mọ ibi tó wà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá, òun ni kó fà yọ. Bí oṣù méjì bá sì kọjá láìsí èsì, ẹ mú un padà lọ béèrè, torí fáìlì máa ń sùn.

Ọmọ Ìmọ̀tà

Ẹ̀yin ará, ti CAC tèmi yẹn ńkọ́, ṣé kò sẹ́ni tó lè bá mi kọ lẹ́tà náà?